Èsì tí Mo Kọ fún Àlejò Tó Ní Yàrá Mi Ń Rùn

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn mi, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà, ilé wa ní Ọ̀kà wá tóbi jù fún mi. Bàbá wọn ti kú nígbà náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti fìdí kalẹ̀ sí Àbújá. Èmi sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Tí mo bá jí láàárọ̀, màá gba iwájú àwọn yàrá náà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó dé ilé ìdáná, ìró bàtà ara mi nìkan ni màá sì máa gbọ́.

Ọmọ mi obìnrin yìí ló ní, "Màámi, ẹ sọ ọ́ di ilé àlejò. Àwọn tó ń wálé wá sìnkú, àwọn tó ń wá ṣègbéyàwó, Ìkàrẹ́ ni gbogbo wọn ń sáré lọ sùn."

Ilé ìtura ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, òun ló ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ó mọ ohun tó ń sọ. Ó fi ilé wa sórí ìkànnì kan tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń wá ibi tí wọ́n máa sùn. Àwọn àwòrán tó ti wà lórí fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló fi síbẹ̀. Èyí tó dára jù nínú wọn ni fèrèsé yàrá tirẹ̀: òkè ń tàn nínú oòrùn àárọ̀, kùrukùru sì wà lórí rẹ̀ bí ìborùn. Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni wọ́n ń kọ nípa wa. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́, ọmọ mi á kà á fún mi lórí fóònù, inú àwa méjèèjì á sì dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin kan wọlé láti Àkúrẹ́, eruku ọ̀nà ti bò ó. Ọmọ ìlú wa ni, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin bàbá rẹ̀ sí. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. Nígbà tó kúnlẹ̀ kí mi, ó ṣe é bí ẹni tó kọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ káàbọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Bàbá mi máa ń sọ bẹ́ẹ̀ gan-an."

Yàrá ọmọ mi ni mo fún un, nítorí pé àwòrán fèrèsé yẹn ló rí tó fi yan ilé wa. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnìkan ti kọ́lé alájà síwájú fèrèsé náà. Ògiri ilé náà ti mọ́ mi lójú débi pé n kì í rí i mọ́.

Ìyá tó ń bá mi tọ́jú yàrá ló mú un lọ sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyá náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fún mi. Ilé náà ti wó. Wọ́n ti gbin àgbàdo sójú rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀. Obìnrin náà kàn ń fi ọwọ́ kan ewé àgbàdo náà.

Mo gún iyán fún un, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó di àárọ̀, omi kọ̀, kò yọ ní ṣáwà. A gbé omi gbígbóná wọlé fún un nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń sunkún, ó yí orí sí fèrèsé, bí ọmọ mi ṣe máa ń yí orí nígbà tí inú rẹ̀ kò bá dùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ láìjẹun.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọmọ mi pè mí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ jù, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó ní àlejò kan ti kọ̀wé nípa wa, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló fún wa nínú márùn-ún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "Àwòrán tí mo rí kò jọ ohun tí mo bá. Òkè ni wọ́n fi hàn mí, ògiri ni mo rí. Omi kò yọ. Yàrá ń rùn bí ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ilé ń wò mí bí ẹni pé mò ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò sí ohun tó lè mú mi padà wá."

Ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́. Èmi tí mò ń gbé inú rẹ̀!

Mo bi ọmọ mi bóyá wọ́n lè pa á rẹ́.

Ó ní, "Rárá, mà. Wọn kì í yọ ọ̀rọ̀ àlejò kúrò torí pé ó dùn wá, àfi tó bá lòdì sí òfin wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹni tó ni ilé láàyè láti fèsì sábẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ayé lè kà á."

Inú mi dùn sí ìyẹn. Mo jókòó, mo tẹ èsì mi sórí fóònù pẹ̀lú ìbínú, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ọmọ mi kó lè bá mi fi síbẹ̀: "Màdáámù, a gbé omi gbígbóná fún yín, ẹ ò dúpẹ́. Mo gúnyán fún yín, ẹ ò jẹ. Àwọn àlejò yòókù ń yìn wá. Kì í ṣe ilé mi ló bà yín nínú jẹ́, ilé bàbá yín tó wó ni."

Ojú ẹsẹ̀ ló pè mí.

"Màámi, mi ò ní fi èyí síbẹ̀."

"Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí irọ́ níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kì í ṣe tiwa láti sọ níta. Inú ilé wa ló ti sunkún. Tí àlejò mìíràn bá rí i pé a tú àṣírí ẹni tó sùn sọ́dọ̀ wa, ṣé ó máa wá?"

Ó tún ní:

"Ẹni tó ń bọ̀ ló máa ka èsì yìí jù, mà. Kò mọ̀ yín, kò mọ obìnrin náà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ sí òun nílé yín, ṣé ẹ máa gbọ́ tòun àbí ẹ máa bá òun jà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ lọ wo yàrá náà ná, kí ẹ sì sọ fún mi èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tó kọ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo lọ. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó síbi tí obìnrin náà jókòó sí. Ògiri ni mo rí. Lẹ́yìn náà ni mo mí sínú.

Òótọ́ ni. Ó ń rùn.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni òórùn náà ti ń jáde. Aṣọ ọmọ mi ló wà níbẹ̀, gbogbo èyí tí kò kó lọ. Mo ti kó káńfọ̀ sáàárín wọn, mo sì tì í pa kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, súwẹ́tà tó máa ń wọ̀ nígbà ọyẹ́, gèlè tó wé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. N kì í ṣí fèrèsé yàrá náà bí mo ṣe ń ṣí ti àwọn yòókù. Mi ò lè sọ pé n kò mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tó pè ní ọjọ́ kejì, ó bi mí, "Kí ló ń rùn, mà?"

"Aṣọ rẹ ni."

Mò ń gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, lórí ọ̀nà tí n kò mọ̀.

"Màámi, mo rò pé ẹ ti fi wọ́n tọrẹ tipẹ́."

"Mo rò pé wàá wálé."

Ó sunkún díẹ̀, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kó wọn jáde, kí n kó wọn fún ìyá tó ń tọ́jú yàrá pé kó fún ọmọ rẹ̀, kí n sì bá òun fi gèlè nìkan pamọ́. Mo kó wọn jáde lọ́jọ́ náà. Mo pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe láti Ìkàrẹ́. A kun yàrá náà. Mo ya fọ́tò fèrèsé bó ṣe rí gan-an, tòun ti ògiri, ọmọ mi sì fi í rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá jókòó ti èsì náà, òun lórí fóònù, èmi lórí àga. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní "ṣùgbọ́n", á ní, "Ẹ yọ ìyẹn, mà. Tí 'ṣùgbọ́n' bá ti tẹ̀lé 'ẹ má bínú', ẹ ò tọrọ àforíjì mọ́ nìyẹn." Mo fẹ́ kọ pé, "A kẹ́dùn tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí lára yín nìyẹn." Ó ní kí n yọ ìyẹn náà, pé ṣe ni yóò dà bíi pé ara obìnrin náà ló ń tàn án jẹ. Mo fẹ́ kọ nípa iyán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ kí iyán sinmi. Ohun tó kù nìyí, tó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì:

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá sọ́dọ̀ wa, ẹ sì ṣeun tí ẹ sọ ohun tí ẹ bá. Àwòrán fèrèsé náà ti pẹ́, wọ́n ti kọ́lé síwájú rẹ̀. Ó yẹ ká ti yọ ọ́ kí ẹ tó wá. A ti fi èyí tó bá ti òní mu síbẹ̀. Omi kò yọ láàárọ̀ tí ẹ wà níbí, a sì ti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. A ti kó ohun tó ń rùn kúrò nínú yàrá náà, à ń ṣí fèrèsé rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó dùn mí pé ojú mi kò fi hàn yín pé inú mi dùn sí wíwá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi níbí, èmi fúnra mi ni màá dá yín lóhùn. Èmi tí mo ni ilé."

Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ mi ni mo rí nígbà tí mò ń wò ó.

Obìnrin náà kò yí ìràwọ̀ rẹ̀ padà. Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wá wa lórí ìkànnì náà á rí i. Ṣùgbọ́n ó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó ní òun ka èsì mi, òun sì rò pé n óò dárúkọ ilé bàbá òun, pé òun dúpẹ́ tí n kò dárúkọ rẹ̀. Mo kọ̀wé padà sí i pé ẹkún kì í ṣe ohun ìtìjú nílé mi. Kò fèsì. Bàbá àgbàlagbà kan tó wá láti Ògbàgì wá sìnkú àbúrò rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ òun ló ka ohun tí mo kọ tó fi ní kí òun sùn sọ́dọ̀ mi.

Gbogbo ọjọ́ tí a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni ọmọ mi ń pè mí. Ó ń pè mí kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó tún ń pè mí tó bá dé. A ń sọ̀rọ̀ àlejò, a ń bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, a ń bọ́ sórí ọbẹ̀. Ní báyìí, ó ti padà di ọjọ́ Ìsinmi nìkan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ̀nba tí àyè bá gbà á. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni àwọn àlejò ń kọ. Mo ti mọ bí mo ṣe lè dá wọn lóhùn fúnra mi.

Ìgbà míì wà lọ́sàn-án, tí ilé bá pa rọ́rọ́, màá mú fóònù, màá wo ìkànnì náà bóyá ẹnìkan ti bínú sí wa.