Àdúrà Tí Mo Fò Nínú Ìkíni

Ní ìlú Osi tiwa, a kì í kí èèyàn kú oríire tán láì mẹ́nu ba ìyá rẹ̀. O bímọ ni o, o kọ́lé ni o, o yege ìdánwò ni o, ẹni tó bá kí ọ gbọ́dọ̀ fi kún un pé, "Iye á jẹun ọmọ pẹ́." Iye ni ìyá lẹ́nu wa. Ẹni tó bá fò ó, àwọn àgbà á ní inú rẹ̀ ò mọ́ sí ọ.

Ọ̀rẹ́ mi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣe ìdánwò àṣejáde, ó yege èyí tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe lójú àwọn olùdánwò gbé e ṣubú. Ó ti fọwọ́, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó fẹ́ wẹ egbò, ló bá fi ọwọ́ kan náà gbá irun rẹ̀ sẹ́yìn. Ìbọ̀wọ́ ti dọ̀tí nìyẹn, wọ́n sì ní kó padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá rẹ̀ ló fi kọ́ ọ mọ́wọ́. Ìyá á ti oko iṣu dé, á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ọmọ á máa wẹ egbò tí kò sí níbẹ̀, á sì máa fi báńdéèjì dì í. Ìyá á kérora bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, àwa á máa rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ bá gbé ọwọ́ lọ sí irun báyìí, ìyá á gbá a lọ́wọ́: "Ọwọ́ rẹ!" Ọmọ á bọ́ ìbọ̀wọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́ fífọ̀.

Ó tún ìdánwò náà ṣe, ó sì dúró sí Ìlọrin kó máa retí èsì. Ibẹ̀ ló wà tí ìyá rẹ̀ fi ṣubú lóko láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò dìde mọ́.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé pè wá jọ. Ó ní, "Ẹnìkan kè é gbọ́ ukú iye rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ lọ mú un wá sí ulé." Wọ́n yan èmi àti ìyàwó pásítọ̀ pé kí a lọ ní ọjọ́ kejì, kí a ní ara ìyá ò yá. Inú bí mi. Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni wọ́n máa ń rán ní irú iṣẹ́ yìí? Ṣùgbọ́n mo gbà, nítorí ọ̀rẹ́ mi ni.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n pè wá jọ yẹn gan-an ni èsì jáde. Mo wà ní yàrá àwọn tíṣà nígbà tí fóònù mi dún.

"Mo ti pààsì! Mo tẹ nọ́ńbà ìdánwò mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gbé e wá pé mo yege! Ìbúra àwọn nọ́ọ̀sì ló kù kí wọ́n fún mi ní ìwé àṣẹ. Fóònù iye mi kè é lọ, ni mo bá pè ọ́."

Ayọ̀ rẹ̀ gún mi láyà. Mo ní, "Ẹ kú oríire o, nọ́ọ̀sì wa! Ọlọ́run á fi ṣe àṣemọ. Wàá fi iṣẹ́ náà rówó, wàá fi rọ́mọ. Ọwọ́ rẹ á tu aláìsàn lára." Ó ń ṣe àmín, àmín. Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá kàn. Ẹnu mi ò gbé e. Báwo ni n ó ṣe ṣàdúrà oúnjẹ fún ẹni tó wà ní mọ́ṣúárì? Mo ní, "Ó dáa, ọ̀rẹ́ mi. Ó dáa."

Ó ń retí rẹ̀.

"O ò kí iye mi sí i."

Mo ṣì lè ṣe àdúrà náà nígbà náà. Gbólóhùn kan péré ni. Omi ti gba ojú mi.

"Iye mi ńkọ́?"

"À ń bọ̀ wá bá ọ lọ́la," ni mo wí.

Mo gbọ́ tí fóònù bọ́ sílẹ̀. Ẹkún tó tẹ̀ lé e, títí di òní mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, pásítọ̀ ti da iyẹ̀pẹ̀ sí i, a fẹ́ kúrò nídìí sàréè, ni ọ̀rẹ́ mi bá di ọwọ́ mi mú. "Kí mi báyìí, kí iye mi gbọ́. Má fò ó."

Ojú àwọn àgbà wà lára mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo kí i kú oríire ìdánwò, mo ṣàdúrà iṣẹ́, mo ṣàdúrà owó, mo ṣàdúrà ọmọ. Mo dé ibẹ̀, mo ní, "Iye á jẹun ọmọ pẹ́."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Àmín."