Ojú Ìwé Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò

Bí o bá fẹ́ mọ bí Ìyá Ìwé ṣe lágídí tó, ní kó kọ ohun tí kò kà. Gbogbo ilé ìwòsàn ló mọ̀ ọ́n sí obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ni yàrá ìkàwé rẹ̀ wà, yàrá kékeré kan tí òórùn ọṣẹ kì í tán níbẹ̀. Níbẹ̀ ló ti máa ń ka àwọn ìwé ìwádìí tí àwọn nọ́ọ̀sì kò ráyè kà, tí yóò sì kó wọn sójú ewé kan ṣoṣo: ohun tí àwọn olùwádìí ń wá, ọ̀nà tí wọ́n gbà wá a, ohun tí wọ́n rí, àti ibi tí iṣẹ́ wọn kù sí. Mátírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má jà.

Ohun tí Mátírọ́ọ̀nù ń wá kò pọ̀. Àwọn arúgbó tí egungun ìbàdí wọn dá, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, ń dùbúlẹ̀ pẹ́ jù ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ara wọn ń le, ẹ̀yìn wọn ń dégbò, ọkàn wọn ń fà sílé. Ó dá a lójú pé bí wọ́n bá ń tètè gbé wọn dìde kí wọ́n rìn, wọn yóò tètè lọ bá àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé wọn? Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó fẹ́ tọrọ olùrànlọ́wọ́ méjì lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, àwọn yẹn ò sì fẹ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ti dá a padà rí. Bí wọ́n bá tún dá a padà lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà di ọdún mìíràn, àwọn arúgbó yóò sì máa dùbúlẹ̀ lọ.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó rìnrìn àjò ló bá a rí ẹ̀rí náà ní láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Wọn ò jẹ́ kó gbé ìwé jáde, ló bá fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó fi ránṣẹ́. Mátírọ́ọ̀nù kò tilẹ̀ jókòó kó tó na fóònù náà sí Ìyá Ìwé.

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀la la máa ṣèpàdé. Bá mi sọ ọ́ di ewé kan."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tò ó ná, Mà."

Kò ka ọ̀rọ̀ kankan. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ìwé ló ń wò, ó ń to àwọn fọ́tò náà tẹ̀ lé ara wọn, nítorí àbúrò Mátírọ́ọ̀nù ti fi ìkánjú yà wọ́n. Òmíràn dùbúlẹ̀, àtàǹpàkò sì jókòó sórí òmíràn bí onílé. Mátírọ́ọ̀nù ní ṣebí fóònù lè sọ fọ́tò di ọ̀rọ̀. Ìyá Ìwé ní ó lè ṣe é, ó sì fi hàn án. Òpó méjì ni ọ̀rọ̀ pín sí lójú ìwé náà, fóònù sì ń ka ìlà ti òsì mọ́ ti ọ̀tún.

"Ẹ wò ó, Mà. Ó ní ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn sun oorun dáadáa."

Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín, ó wá fi í sílẹ̀ kó fi ojú ara rẹ̀ kà á, òpó kan lẹ́yìn òmíràn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọrùn. Àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀ bóyá kéèyàn dìde lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ máa ń jẹ́ kó tètè lọ sílé. Wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì, apá kan tètè dìde, apá kejì dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró tẹ́lẹ̀. Àwọn tó tètè dìde ló tètè lọ sílé. Nígbà tó dé ibi tábìlì tí wọ́n to iye sí, etí ojú ìwé tó tẹ̀ wọnú ti gbé òpó ìkẹyìn mì. Kò méfò. Ó wá àwọn iye náà kiri nínú àlàyé tó wà nísàlẹ̀. Èyí tó rí, ó kọ ọ́, èyí tí kò rí, ó kọ síbẹ̀ pé kò hàn nínú fọ́tò.

Lẹ́yìn náà ló padà sí fọ́tò tó ṣáájú. "Mà, nọ́ńbà kan fò."

Àbúrò ti ya ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbàgbé èyí tó kàn; àtàǹpàkò rẹ̀ ló bo nọ́ńbà èkejì, tí Ìyá Ìwé fi kọ́kọ́ rò pé òun ló kàn. Fọ́tò kan parí sórí "Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé," èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n tọ́ka sí. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ àléébù iṣẹ́ wọn gan-an ló sọnù. Mátírọ́ọ̀nù pe àbúrò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ti wà nínú ọkọ̀, ó ń bọ̀ nílé.

"Ṣé a ò mohun tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ ni?" Mátírọ́ọ̀nù ní. "Àwọn èèyàn kéré, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni, àkókò ò pẹ́. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, Mà. Mi ò tíì kà á ni."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Orúkọ àwọn tó ṣe é ló máa wà lókè, Mà. A ò lè fọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu."

Inú bí Mátírọ́ọ̀nù. Ó ní òun ń wá ẹni tó máa gbé arúgbó dìde, ẹnìkan ń bá òun ka nọ́ńbà. Ìyá Ìwé kọ sábẹ́ àléébù pé: "Ojú ìwé tí wọ́n kọ èyí sí kò dé ọwọ́ wa." Ó wá fẹ fọ́tò àkọ́kọ́ títí tí àwọn lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi hàn: àdírẹ́sì ímeèlì ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà. Ó kí i, ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ó tọrọ ojú ìwé kan. Mátírọ́ọ̀nù ní àwọn ènìyàn ńlá kì í dáni lóhùn, ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Ó di àárọ̀, odindi ìwé náà ti wọlé, pẹ̀lú ìkíni. Ìyá Ìwé kà á, ó tún un kà, ó wá ránṣẹ́ pe Mátírọ́ọ̀nù.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ń gbé àwọn aláìsàn inú ìwádìí náà dìde kì í wá síṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ló ń gbé wọn lọ́jọ́ méjèèjì, àwọn ọjọ́ náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣubú ṣubú. Àwọn olùwádìí sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun táwọn ṣe kò léwu níbi tí èèyàn kò bá tó.

Mátírọ́ọ̀nù wá àga, ó jókòó. Olùrànlọ́wọ́ Mọ́ńdè sí Fúráìdè ló kọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, nítorí ó rò pé ìyẹn ni ìgbìmọ̀ yóò tètè gbà. Ó fà á ya, ó kọ òmíràn.

Nínú ìpàdé, àléébù ló kọ́kọ́ kà fún wọn. Dókítà àgbà, tó jẹ́ alága, yọ awò ojú rẹ̀.

"Bá a bá wá fún ẹ lẹ́ni méjì, tí wọn ò wá ní Sátidé ńkọ́?"

"Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ rárá nìyẹn, sà."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n fún un ní méjì, tí wọn yóò máa pín ọjọ́ méjèèje láàárín ara wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò ná.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ló gbà lọ tààrà. Ìyá Ìwé ń fi ewé tuntun rọ́pò ewé àná nínú fáìlì, ó sì ń kọ iye tí kò hàn tẹ́lẹ̀ sí àyè wọn.

"Wọ́n gbà," Mátírọ́ọ̀nù ní.

"A dúpẹ́, Mà."

Mátírọ́ọ̀nù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ń tì í, ìfẹ́ obìnrin yìí sì kún inú rẹ̀ débi tí kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. "Ká ní o gbọ́ tèmi lánàá," ó ní, "wọn ì bá fún mi láwọn èèyàn Mọ́ńdè sí Fúráìdè náà. Sátidé àkọ́kọ́ làwọn arúgbó mi ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, mi ò sì ní mọ̀dí ẹ̀."