Ìwé Tó Sọ Mí Di Ẹni Ogún Ọdún

Mo rántí ìgbà tí bọ́tìnì kákí iléèwé mi kọ̀ láti pàdé ihò rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú ọyẹ́, mo sì ti fẹ́ pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo wà ní kíláàsì troisième, ọdún kẹrin nílé ẹ̀kọ́ girama, níbi tí a ti ń múra sílẹ̀ de ìdánwò BEPC. Mo fa ikùn mọ́ra, mo fi píìnì so aṣọ náà, mo sì sọ fún ara mi pé gààrí tí mo jẹ nígbà ọlidé ló ń ṣe mí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò rí nǹkan oṣù mi, síbẹ̀ gààrí ni mo dá lẹ́bi. Ọgbọ́n orí mi nígbà náà kò tó èyí tí ewúrẹ́ fi ń sá fún òjò.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ifọ̀nyìn wa, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó yẹ̀ mí wò, ó kọ orúkọ mi, ọjọ́ orí mi àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mi sínú ìwé ńlá kan, ó wá ní, “Ọmọ mi, oyún ni. Ọmọdé sì ni ẹ́, torí náà mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ti promotion sociale, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìdílé. Wọ́n á wá bá yín nílé.” Ó ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àmọ́ etí mi ti di. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ìjọba ń bọ̀ wá sí ilé wa. Mo rí i lójú ara mi pé àwọn ọlọ́pàá ti wọ́ ìyá mi kúrò nídìí ìkòkò epo rẹ̀. Mo dìde, mo dúpẹ́, mo sì sá.

Ìyá mi ń fún epo pupa ní àgbàlá wa. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, kò nà mí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn jókòó sórí igi tó fi ń dáná, ó di orí mú, ó wá bi mí pé, “Ṣé ẹlòmíì mọ̀?” Mo sọ ti agbẹ̀bí. Mo sì fi tèmi kún un pé wọ́n á lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì mú òun náà lọ. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ̀rù ló sọ ọ́ fún mi, èmi náà sì gbé e lé ìyá mi lórí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ti gba Igolo kọjá bọ́dà, ó sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní apá Nàìjíríà. Ó ní kí n bímọ síbẹ̀, kí n fi ọmọ náà sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun, kí n wá padà sílé ẹ̀kọ́ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Níbi tiwa, bí nǹkan bá ti dojú rú, bọ́dà la máa ń sá gbà. Epo bẹntiróòlù ń gba ibẹ̀, ìrẹsì ń gba ibẹ̀, kí ló dé tí oyún kò ní gba ibẹ̀?

Nínú oṣù keje ọdún náà ni mo bímọ, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ń tì í láti sọ pé ọmọ iléèwé ni mí, ló bá ní ẹni ogún ọdún ni mí, ìyàwó ilé, ọkọ mi sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó fún mi ní orúkọ bàbá mìíràn kún un. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú káàdì. Èmi ń rọbí lọ́wọ́, ta ni yóò ráyè jiyàn? Mo tilẹ̀ rò pé ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé ọmọbìnrin náà lé mi láyà, tó sì wá ọmú fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò ní lè fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé e pọ̀n padà wá sí Ifangni.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, èmi àti ìyá mi lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó ṣí rẹ́jísítà ọdún tó kọjá, ó yí i sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti fi bíírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí iwájú orúkọ mi: abandon.

“Níbo lo lọ?” ó bi mí.

“Ara mi kò yá ni, Mísíọ̀.”

“Ṣé oyún ni àìsàn?” Gbogbo ìlú ló ti mọ̀, àwa nìkan la rò pé a bò ó. Ó yọ dígí ojú rẹ̀. “Ẹ gbọ́, Màmá. Òfin kò ní ká lé ọmọ tó bá lóyún. Ó lè máa jókòó ní kíláàsì títí ara rẹ̀ á fi wúwo. Bí ó bá tó àkókò, òbí rẹ̀ á kọ lẹ́tà, á fi ìwé ilé ìwòsàn tì í, a ó sì pa ààyè rẹ̀ mọ́ dè é títí yóò fi bímọ tán. Ta ló kọ lẹ́tà fún tiyín? Ẹ̀yin ẹ kàn gbé e lọ. Lójú ìwé, ọmọ yìí kò bímọ, ńṣe ló sá. Ẹni tó bá sì sá, wọ́n ti fi ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíì.”

Mo wo ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko tí mo fi sá fún ìlékúrò, kò sẹ́ni tó ń lé mi. Èmi ni mo lé ara mi.

Ọ̀gá náà ní òun lè kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀ka wa kí wọ́n dá mi padà, bí mo bá lè fi ìwé hàn pé oyún ló gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n kíákíá ni o, nítorí orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe BEPC yóò kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú ìyá mi dán. Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó sì fa káàdì Nàìjíríà náà yọ bí ẹni tó fa òótọ́ yọ. Ọ̀gá kà á, ó sì tún un kà. “Ẹni ogún ọdún. Ìyàwó ilé. Orúkọ bàbá ẹlòmíì. Màmá, ta ni obìnrin yìí?”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tiwa kò pé oṣù mẹ́ta.

Ìwé kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ẹni tí mo jẹ́ ní tòótọ́, ìwé ńlá agbẹ̀bí tí mo sá fún. Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà tí mo tún padà sílé. Ní ọjọ́ kẹta, mo pọn ọmọ mi, mo ní bí wọ́n bá fẹ́ mú mi, kí wọ́n mú àwa méjèèjì. Agbẹ̀bí gbé ojú sókè, ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi.

“Mo wá ẹ dé ilé yín lẹ́ẹ̀mejì,” ló sọ. “Wọ́n ní o ti lọ kọ́ aṣọ rírán ní Kútọnu. O ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tí mo fẹ́ pè, àwọn gan-an ni wọn ì bá bá ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́.”

Mo sunkún níbẹ̀ títí ọmọ náà fi dara pọ̀ mọ́ mi. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sẹ́yìn, a sì rí mi níbẹ̀: orúkọ mi, ọdún mẹ́rìndínlógún, troisième, oyún oṣù mẹ́ta. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀rí, ó lù ú ní òǹtẹ̀. Àwọn ti promotion sociale wá sílé lóòótọ́. Ìyá mi mú àga fún wọn. Wọn kò mú un lọ síbi kankan. Ọmọkùnrin tó fún mi lóyún àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Kíláàsì première ló wà, kíláàsì méjì níwájú mi, ní ilé ẹ̀kọ́ wa kan náà. Ní gbogbo oṣù tí mo fi sá káàkiri, kò pa ọjọ́ kan jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi títí dòní bí mo bá rántí rẹ̀.

Èsì ìwé tí ọ̀gá kọ dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ kan péré. Ọ̀gá fi bíírò aláwọ̀ búlúù fa ilà sórí ọ̀rọ̀ pupa yẹn, ó sì kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé BEPC, èmi ni ìkẹyìn pátápátá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ibẹ̀ ni wàhálà parí. Ilé ọba tó jó náà kò bù kún ẹwà tèmi kíákíá. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí ní Màmá Ìkókó. Ní aago mẹ́wàá, ọmú mi á máa sun wàrà, á tutù dé iwájú kákí mi, màá sì fi ìwé bò ó bí mo ṣe fi píìnì bo oyún tẹ́lẹ̀. Ìyá mi ń pọn ọmọ wá sí abẹ́ igi mángòrò lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò ìsinmi, kí n lè fún un lọ́mú. Lọ́jọ́ tí epo bá wà lórí iná, kò lè wá, èmi náà á sì pa kíláàsì jẹ. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò lọ́dún yẹn. Mo yege lọ́dún kejì. Ọmọbìnrin kan láti Lagbé tó bímọ ní ìgbà kan náà pẹ̀lú mi kò padà rárá, nítorí kò ní ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ. Ó mọ ìwé jù mí lọ. A ṣì máa ń pàdé lọ́jà, a ó kí ara wa dáadáa, àwa méjèèjì kì í sì í mẹ́nu ba ìwé.

Ní báyìí, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́ ní maternelle. Ọmọ mi ti pé ọdún mọ́kànlá, ó wà ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní kó mú ìwé ìbí rẹ̀ wá fún ìdánwò, ló bá lọ tú àpò mi. Káàdì ọjọ́sí ló kọ́kọ́ rí. Ó mú un wá bá mi nídìí ààrò, ó sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ dé ọ̀nà.

“Ìyá, wọ́n ní ẹ jẹ́ ẹni ogún ọdún nígbà tí ẹ bí mi. Ṣebí ẹ ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ jẹ́ ní báyìí. Ọdún mọ́kànlá ni mo sì jẹ́, ọdún mẹ́rin lé níhìn-ín.”

Ẹ̀rù tí mo rò pé ó ti kú dìde nínú mi. Irọ́ kan ti yọ sí mi lẹ́nu, ó rọrùn, ó sì dùn ún gbọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn mi, mo sì rí ìyá mi tó di orí mú lórí igi ìdáná. Mo gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀.

“Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà,” mo ní. “Ẹ̀rù ló bà wá tí a fi purọ́.”

Mo gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Gbọ́ mi dáadáa. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí ẹ, kí o tó ronú ibi tí wàá sá gbà, wá bá mi níbí. Mi ò ní gbé ẹ lọ síbi kankan.”