Àtẹ̀gùn Kíṣínì Mi ní Mowe

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú aládùúgbò mi. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn kíṣínì mi, tí màá máa pariwo pé olè ni, ó ti jẹ ẹsẹ̀ bàtà méjì nínú ilẹ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ wa sú alága àdúgbò. “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ mú ìwé sọ́fè yín wá.”

Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan ni mo ní. Nọ́ńbà gbogbo òkúta ààlà wà nínú ìwé ti aládùúgbò mi. Awọnlẹ̀ tí alága pè gbé ẹ̀rọ dé, ó fi ìwé náà wọn ilẹ̀, ló bá ní ká fọ́ àtẹ̀gùn mi. Mo yarí kanlẹ̀! Wọ́n fọ́ ọ.

Abẹ́ kọnkéré tí bíríkìlà mi dà ni òkúta ààlà wà, nọ́ńbà rẹ̀ hàn gbangba. Lórí ilẹ̀ ọkùnrin yẹn ni mo ti ń dúró pè é lólè.