Ẹsẹ̀ Mẹ́ta, Ìyípo Mẹ́rin

Ọdún tí epo díísù wọ́n, tí ẹ̀rọ ìlọta ńlá tó wà lẹ́bàá ọjà wa ní Tẹ̀dé dákẹ́ fún odindi oṣù mélòó kan, ni ọ̀gá mi sọ pé òun máa sọ kẹ̀kẹ́ di ọlọ. Àwọn tó jókòó pẹ̀lú wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ bo ẹnu, nítorí ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Kẹ̀kẹ́ ni ọ̀gá mi ń tún ṣe, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan níwájú ilé rẹ̀. Mo ti kọ́ iṣẹ́ náà tán lọ́dọ̀ rẹ̀, mo kàn ń bá a ṣiṣẹ́ títí ìgbà tí màá fi ní irinṣẹ́ tèmi ni. Kò kàwé rí. Èmi ka ìwé mẹ́fà, mo sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe eré ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyàwó rẹ̀, tí èmi ń pè ní Ìyá, ló ń ta èlùbọ́ àti ìyẹ̀fun àgbàdo tí àwọn èèyàn fi ń ro túwó. Nígbà tí ẹ̀rọ ọjà dákẹ́, Ìyá gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ó ń lọ àgbàdo fún ilé àti fún títà. Láàárín oṣù kan, èjìká ọ̀tún rẹ̀ di líle. Á yí i díẹ̀, á dúró, á fi ọwọ́ òsì di èjìká mú. Ọ̀gá mi á máa wò ó láti abẹ́ igi. Ọjọ́ kan ló kàn sọ fún mi pé ọwọ́ èèyàn ò lágbára tó ẹsẹ̀ rẹ̀, pé ẹni tó bá rìn láti ibí dé Òtù kò ní kú, ṣùgbọ́n kí ó wá gbìyànjú kó fi ọwọ́ rìn ín.

Kẹ̀kẹ́ tó lò jẹ́ kẹ̀kẹ́ obìnrin, èyí tí kò ní ọ̀pá ìdábùú níwájú ìjókòó. Nọ́ọ̀sì kan ló fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nílùú. Ọ̀gá mi ní irú rẹ̀ gan-an ló dára, kí Ìyá lè ró ìró rẹ̀ dáadáa kó sì jókòó láìsí ìtìjú. A yọ táyà méjèèjì, a fi igi ayin tó nípọn ṣe ẹsẹ̀ fún férémù náà, a wá de ẹ̀rọ náà mọ́ igi lẹ́yìn ìjókòó, níbi tí táyà ẹ̀yìn wà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ irin tí Ìyá fi ń yí i ni a yọ kúrò. Àyè rẹ̀ ni irin eléyín tí ṣéènì máa fà yóò wà.

Irin eléyín wo ni ká fi síbẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀gá mi so òwú pupa mọ́ eyín kan lára irin ńlá tí pẹ́dà wà, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára irin kékeré ti ẹ̀yìn, ó sì ń fi ọwọ́ yí pẹ́dà jẹ́jẹ́. Bí òwú bá ti yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó ju hóró àgbàdo kan sínú igbá òsì. Bí ṣọ́ọ̀kì bá yí ká, èmi ju ọ̀kan sí tọ̀tún. Ó ń yí i lọ títí àmì méjèèjì fi padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ka igbá. Mẹ́ta wà ní òsì, mẹ́jọ ní ọ̀tún.

Mo mú èédú, mo ka eyín, mo ṣe ìṣirò sára ògiri. Méjìdínláàádọ́ta ni eyín irin ńlá, méjìdínlógún ni ti kékeré. Ìlọ́po mẹ́ta méjìdínláàádọ́ta jẹ́ mẹ́rìnlélógóje. Ìlọ́po mẹ́jọ méjìdínlógún, mẹ́rìnlélógóje náà ni.

“Kí ni ìwé sọ?” Ọ̀gá mi bi mí.

“Ohun tí àgbàdo yín sọ náà ni, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwé ò purọ́, nígbà náà.”

Títí di òní, bí mo bá rántí ọkùnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí ewúrẹ́, tó sì fi hóró àgbàdo bọ́ sí ojúlé ìṣirò tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi, orí mi máa ń wú.

Ṣùgbọ́n kò fẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́ta. Ó ní ó yá jù. Ó wá irin eléyín mìíràn jáde, èyí tó yọ lára kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan, eyín mẹ́rìndínlógójì. A tún kà á sínú igbá: ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìyípo mẹ́rin. Ó ní ìyẹn ló ń wá. Mo yá aago olùkọ́ kan, mo sì rí i pé ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ máa ń yí pẹ́dà bí ọgọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Pẹ̀lú irin ọmọdé yìí, ẹ̀rọ á yí nígbà ọgọ́rin. Pẹ̀lú èyí tó ní eyín méjìdínlógún, á yí nígbà ọgọ́jọ. Mo sọ fún un pé ìlọ́po méjì iṣẹ́ nìyẹn, kí ló dé tí a ó fi í sílẹ̀? Ó kàn dáhùn pé àgbàdo ni ká bi.

Ó kó irin méjèèjì lọ sí Ṣakí, ajórin bá a jó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ irin oníhò tó máa wọ ẹnu ẹ̀rọ. Ó de ti ọmọdé mọ́ ọn, ó fi kékeré sínú agolo, ó ní ó lè wúlò fún ohun tó bá rọ̀ ju àgbàdo lọ. Ọjọ́ kejì, kó tó dán an wò rárá, wọ́n ránṣẹ́ pè é síbi ìsìnkú kan ní Òtù. Ó ní kí a dúró de òun.

Mi ò dúró.

Mo ṣí agolo, mo de irin kékeré mọ́ ẹ̀rọ, mo gé ṣéènì kúrú kó lè fà. Gbodo, iṣu gbígbẹ tó ń di èlùbọ́, tí Ìyá ti gún wẹ́wẹ́ nínú odó ni mo kọ́kọ́ dà sí i. Àfi bí ìjì! Èlùbọ́ ń tú jáde bí eruku ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó kóra jọ ń pariwo, ọ̀kan ní kí n máa wà á lọ Ìṣẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo da àgbàdo gbígbẹ sí i, kóńgò kan, láì fẹsẹ̀ balẹ̀.

Pẹ́dà le gan-an lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀rọ yí lẹ́ẹ̀kan, ó há. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwé mẹ́fà ti tán, kí n lọ ka ìkeje. Mo dìde dúró lórí pẹ́dà, mo fi gbogbo ara mi tẹ̀ ẹ́. Ohun kan dún gbì. Ọrùn ẹ̀rọ náà, níbi tó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ pàdé, ti là.

Ìyá ò bá mi wí. Ó kó àgbàdo náà padà sínú igbá, ó lọ fọ ọlọ òkúta tó wà lẹ́yìn ilé.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ń dùn mí jù. Mo yọ irin kékeré, mo dá a padà sínú agolo. Mo de ti ọmọdé padà, mo tún ṣéènì so. Nígbà tí ọ̀gá mi dé, mo sọ fún un pé a dán an wò, ó sì là. Mi ò sọ ohun tí mo fi dán an wò. Ìyá ò mọ irin kan yàtọ̀ sí èkejì, nítorí náà kò sí ẹni tó lè já mi.

Ó gbà mí gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń jókòó lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́, tó ń yí pẹ́dà, tó ń ju àgbàdo sínú igbá. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Àwọn tó ń kọjá ń bi í bóyá ayò ló ń ta. Lẹ́yìn ilé, mo ń gbọ́ ọmọ ọlọ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí òkúta, tó ń dúró, tó tún ń lọ. Ní ọjọ́ kẹta ó gbé sípánà, ó ní kí n wá ká jọ tú u, ká dá kẹ̀kẹ́ padà sí kẹ̀kẹ́.

“Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n kà,” ó ní. “Àgbà ti dé.”

Mi ò gba sípánà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ má tú u. Iye tí ẹ kà tọ̀nà. Èmi ni mo fi irin kékeré sí i, tí mo fi lọ àgbàdo. Mo parọ́ fún yín.”

Mo rò pé ó máa lé mi. Ńṣe ló mú agolo, ó fi irin kékeré wọ ẹnu ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ kan di ọrùn tó là náà mú, ó ju hóró àgbàdo díẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní kí n di irin náà mú létí eyín, kí n yí i. Kò yí. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ọmọdé, ó ní kí n di ìyẹn náà mú létí eyín. Ó yí, àgbàdo sì fọ́.

“Eyín rẹ̀ jìnnà sí àárín,” ó ní. “Èyí tó kéré, ṣéènì gbọ́dọ̀ fà á ní ìlọ́po méjì kí àgbàdo kan náà tó fọ́. Ọrùn ẹ̀rọ ló ń gba gbogbo fífà yẹn. Irin tí wọ́n yọ́ dà ni, kì í tẹ̀, ńṣe ló ń là. Ohun tí o bá fi yára, ẹsẹ̀ rẹ ló máa gbé ẹrù rẹ̀. Ìwé rẹ sọ iye ìgbà tó máa yí. Ṣé ó sọ bó ṣe máa wúwo tó?”

Mo ní kò sọ ọ́.

“Ó sọ ọ́. O ò bi í ni.” Ó gbé sípánà sílẹ̀. “Lọ sọ fún Ìyá rẹ.”

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ. Ìyá gbọ́ mi tán, ó ní kí n dìde, ó sì na ọmọ ọlọ sí mi. Èmi ni mo lọ àgbàdo ilé náà títí ẹ̀rọ fi padà láti Ṣakí, níbi tí ajórin ti fi bàbà pupa jó ọrùn rẹ̀ pọ̀.

Ọjọ́ tí a dán an wò, Ìyá fúnra rẹ̀ ló jókòó. Ó ní ọjọ́ tí òun ti wáyé, òun ò gun kẹ̀kẹ́ rí, ẹ wá wo ibi tí òun ń lọ. Ó wà á jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sinmi lórí itan. Àgbàdo ń fọ́ ṣàṣà, ìyẹ̀fun ń bọ́ sínú igbá, ọ̀gá mi sì lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì, ó ń ka ìyípo lábẹ́ èémí, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Kóńgò mẹ́ta ni Ìyá lọ kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó fi wá rẹ́rìn-ín lọ gbé àgbàdo tiwọn wá.

Díísù padà dé nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ti ní irinṣẹ́ tèmi báyìí, mo sì ti ṣe irú rẹ̀ méjì. Igbá ni mo fi kà wọ́n kí n tó mú èédú.

Èjìká Ìyá dẹ̀, ṣùgbọ́n kò dẹ̀ tán. Ọjọ́ mẹ́ta orí ọlọ wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kò sí. Ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀ tí mo bá lọ kí wọn, ọ̀gá mi ni mo máa ń bá lẹ́yìn Ìyá, tó ń bá a so gèlè, torí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gòkè dé orí mọ́. Kò mọ̀ ọ́n so. Ìyá á ní kó tú u, kó tún un so, ọ̀gá mi á sì tú u, á tún bẹ̀rẹ̀.