Ọjọ́ Tí Mo Sọ "Àǹtí" Nù Lẹ́nu

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, n kò sì tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó obìnrin kan tí kò ga dé èjìká mi. Mo ti pàdé ajá ńlá kan rí ní Woolwich Common, lẹ́bàá bárékè àwọn sójà, n kò sì sá. Ká má purọ́, mo sá, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ dúró díẹ̀. Ti obìnrin yìí, n kò tilẹ̀ lè dúró.

Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. A jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Thamesmead. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀ kí n tó dé, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga láì dá ara ẹni lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìyàwó tèmi wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ ẹlòmíì, kò sì jẹ̀bi. Fún ọdún mẹ́ta, "Àǹtí" ni mò ń pè é, "àbúrò mi" ló ń pè mí, a jọ ń mu tíì, ó sì tó mi.

Ọjọ́ Ajé kan ló sọ fún mi, níbi tíì yẹn náà, pé òun ti ríṣẹ́ sí ọsibítù ńlá tó wà nítòsí Common, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún òun lọ́dọ̀ wa.

Mo ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó dára o, Àǹtí."

Ohun tó wà lọ́kàn mi kọ́ nìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò ní ní ìdí kankan mọ́ láti jókòó ti obìnrin yìí, àti pé mo fẹ́ fi í ṣe aya. Ẹnu mi gbẹ bíi búrẹ́dì àná.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ogún ọdún ni, ìlú òyìnbó yìí ni wọ́n bí i sí, ó sì ń lọ sí yunifásítì. Yorùbá rẹ̀ dáa, àfi pé wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo "ẹ" inú ẹ̀ dànù. "Uncle, o ti jẹun?" N kì í bínú, òun ló ń se oúnjẹ. Ní ọ̀sán Sátidé, ó máa ń wo àwọn eré Kòríà ní pálọ̀, ìtumọ̀ lédè òyìnbó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ amóhùnmáwòrán. Bàtà mi ni mo kọ́kọ́ wá lọ síbẹ̀. Mo rí bàtà náà, n kò sì dìde mọ́. Form Three ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, kíkà mi kì í yá, òun ló sì ń bá mi túmọ̀ èyí tó bá sáré jù.

Sátidé yẹn, eré ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n ń ṣe, tó fẹ́ràn obìnrin tó jù ú lọ ní ọ́fíìsì wọn.

Mo ní, "Kí ló dé tí eléyìí ń pè é ní noona, tí obìnrin yẹn sì ń pe ọkùnrin kejì ní oppa?"

"Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, Uncle. Tó bá jẹ́ èmi, obìnrin, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni oppa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni unnie. Tó bá jẹ́ ìwọ, ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin ni hyung, obìnrin ni noona."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ fún wa."

"And it's not just family. Ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹ náà, tẹ́ ẹ bá ti close. O ò lè lọ sí títì kó o máa pe everybody ní noona. Wọ́n á ní, ta lo mọ̀?"

"Sunbae tí wọ́n ń wí ńkọ́?"

"Ẹni tó ṣáájú ẹ dé ibi iṣẹ́ tàbí school. Kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọjọ́ orí. Ọkùnrin, obìnrin, ọ̀kan náà ni. Àmọ́ sunbae tutù díẹ̀. Respect wà níbẹ̀, kò sí gbígbáramọ́."

Ìyẹn yé mi kíákíá. Nílé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Ìyá mi pe ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní "Bọ̀ọ̀dá" nítorí pé ọmọ náà ti wà nínú agbo ilé kí wọ́n tó gbé òun wọlé, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ sunbae fún ìyá mi.

Mo wá ro tèmi. Àǹtí mi jù mí lọ, ó tún ṣáájú mi dé ibi iṣẹ́. Noona ni, sunbae ni. Ìlẹ̀kùn méjì, méjèèjì ló tì.

Ọmọbìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Oppa lè jẹ́ brother, ó lè jẹ́ boyfriend, word kan náà. Obìnrin lè máa pè é lọ títí wọ́n á fi fẹ́ra wọn. Noona le ju bẹ́ẹ̀ lọ. As long as ó ń pè é ní noona, obìnrin yẹn lè máa ṣe bí ẹni pé ọmọdé ni. Wò ó. Uncle, wò ó."

Òjò ń rọ̀ nínú eré náà. Ọmọkùnrin yẹn la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kò sọ noona mọ́, ó pe orúkọ obìnrin náà lásán. Obìnrin náà yíjú padà. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di tìmùtìmù mú mọ́ àyà. Nígbà tí mo wolẹ̀, èmi náà ti di tèmi mú.

Mo fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. "Tí ẹnìkan bá wá ní Àǹtí kan, tí kò sì fẹ́ kó jẹ́ Àǹtí mọ́ ńkọ́?"

"Ta ni?"

"Mo kàn ń bèèrè ni."

"Kó just pe orúkọ ẹ̀. Finish."

Ọjọ́rú, èmi àti Àǹtí ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì níyàrá ìfọṣọ. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ dánra wò nínú bọ́ọ̀sì títí ìyá òyìnbó tó jókòó tì mí fi ṣípò. Mo pe orúkọ náà. Mo ní, "O ti jẹun?"

Ó dúró. "Kí lo wí?"

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá ti ní "Àǹtí, mo ní ṣé ẹ ti jẹun." Èmi, akọni inú òjò, mo tún un sọ.

Ó ká aṣọ náà tán, etí dé etí, ó gbé e lé orí ìyókù. Ó wá dáhùn ní òyìnbó, "I have eaten, thank you, Mister," ó sì fi orúkọ bàbá mi kún un. Ọdún mẹ́ta tí mo fi jẹ́ àbúrò, ó parí síbẹ̀. Mister ni mo jẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko.

Mo jẹ́wọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó bo ojú.

"Mister pẹ̀lú surname? Uncle, that's ssi. Ìyẹn ni wọ́n ń fi sẹ́yìn orúkọ ẹni tí wọn ò mọ̀ dáadáa. Ó ti gbé ẹ síta."

"O ò sọ fún mi pé ó lè rí bẹ́ẹ̀."

"O lọ wẹ̀ nígbà episode tó tẹ̀ lé e. She didn't pick his calls. Episode méjì." Ó jókòó tì mí. "Àgbà ló máa ń sọ pé ó tó, pé kó o sọ̀rọ̀ wálẹ̀. Ọmọdé lè bèèrè. Àmọ́ tó bá fúnra ẹ̀ já a gbà, ó lè jẹ́ ìfẹ́, ó lè jẹ́ ìwọ̀sí. Ojú ẹ ló máa sọ èwo ni."

"Ojú tèmi wá ńkọ́?"

"Ojú tìẹ máa ń dà bí ti ẹni tó fẹ́ sín."

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn kó tó lọ, mo dúró dè é níbi tí wọ́n ti ń wọ Woolwich Ferry. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn ìsìn ló máa ń sọdá lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní North Woolwich. Ó ti ká sùtánà rẹ̀ sínú báàgì. Ó rí mi, a wọ ọkọ̀ ojú omi pọ̀. Ọkàn mi ní kí n kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú okùn, n kò sì mọ̀wẹ̀. Ìgboyà mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó ń wo omi.

"Ṣé o mọ iye èèyàn tó ń pe orúkọ mi níbẹ̀ yẹn? Mánéjà tí mo lè bí, orúkọ mi. Àwọn tó ń wá kí ìyá wọn, orúkọ mi. Ọmọ àná tó ń nulẹ̀, orúkọ mi. Mi ò bínú sí wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Àmọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnu ìwọ nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ pé mo dàgbà. Nígbà tí ìwọ náà wá pè mí gbọnrangandan, mo ní, ó ti tán nìyẹn."

N kò rò ó rí. Ohun tí mo pè ní ìlẹ̀kùn, aṣọ ìbora ló jẹ́ fún un, èmi ni mo sì ṣí i kúrò lára rẹ̀ níyàrá ìfọṣọ.

Mo ní, "Àǹtí, kì í ṣe pé mi ò ka àgbà yín sí. Mo fẹ́ yín ni. Tí mo bá ń pè yín ní Àǹtí, àbúrò ni mo jẹ́, mi ò sì fẹ́ jẹ́ àbúrò mọ́. Ṣùgbọ́n tiyín ni orúkọ náà. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má fi í sílẹ̀, mi ò ní fi í sílẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń kùn. Ó yíjú sí mi.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló kọ́ ọ, àbí? Noona lo fẹ́ sọ kalẹ̀."

Mo yíjú sí omi.

"Ṣé o rò pé Bíbélì nìkan ni mò ń kà nílé ni? Tèmi, sunbae ni mo fẹ́ràn nínú eré Kòríà yẹn. Sunbae kì í sunkún kiri inú òjò."

"Méjèèjì lẹ jẹ́, Àǹtí."

Ó rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Gbọ́. Níwájú èèyàn, Àǹtí ni mo jẹ́, níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kódà tí mo bá lọ. Má gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀: sunbae ní ọ́fíìsì, nǹkan míì tí wọ́n bá jáde."

"Lórí omi ńkọ́?"

Ó sọ oríkì rẹ̀ fún mi. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ti fi pè é láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Mo ní, "Èmi náà ńkọ́? Àwọn ìyàwó àtijọ́ máa ń pe ọkọ wọn ní bọ̀ọ̀dá."

"Bọ̀ọ̀dá? Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ arúgbó? Jẹ́ ká ṣì máa wò ó."

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ó ti fi ìṣísẹ̀ méjì ṣáájú mi nígbà tí mo pe oríkì náà. Ohùn mi há bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ. Kò wẹ̀yìn.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí.

Mo gba báàgì rẹ̀ gbé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà sì ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Àǹtí, ẹ rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀." Ó kí ọmọ rẹ̀, ó ń wọlé, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ bàtà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ díẹ̀.