Ẹsẹ̀ Ẹni Tí Kò Fẹ́ Rà

Kò sí ohun tí mo fẹ́ lọ́dún náà ju máṣíìnì ìránṣọ lọ. Oyún oṣù méje wà nínú mi, ìyá tí mò ń bá ránṣọ ní Mafoluku sì ti sọ ọ́ lójú mi pé òun kò gba ọmọ ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ọjọ́ tí mo bá bímọ ni iṣẹ́ mi parí. Bí mo bá ní máṣíìnì tèmi nínú yàrá wa, màá máa ránṣọ, ọmọ á máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mi ò bá ní in, màá máa nawọ́ sí ọkọ mi fún owó ata títí ọmọ á fi dàgbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé mo gbéraga.

Àwọn ọdún owó epo rọ̀bì nìyẹn. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san èyí tó ti kọjá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aládùúgbò wa kan ra tẹlifíṣọ̀n kó tó rántí pé kò sí iná nínú yàrá òun. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, gba tirẹ̀, ó sì yọ owó máṣíìnì sọ́tọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tó sọ pé òun ti gbé owó náà fún ẹ̀gbọ́n òun obìnrin.

Ó ní, "Ìwọ ò mọ ọjà ná. Wọ́n á kàn rẹ́ ọ jẹ ni. Àǹtí mi ló máa bá ọ rà á."

Èmi tí ìyá mi ń ta àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta! Abẹ́ igbá aṣọ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rákòrò. Ìyá mi kì í wo ẹnu oníbàárà, ẹsẹ̀ ló máa ń wò. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá máa padà, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn kúrò lára ọjà. Á rọra máa lọ, á dúró níbi ìsọ̀ kejì, á bèèrè iye ohun tí kò lò, etí rẹ̀ á wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń lọ pátápátá máa ń tún ìró rẹ̀ ró dáadáa kó tó gbé ẹsẹ̀, ojú ọ̀nà ló sì máa ń wò. Ó tún kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìdè ọjà. Bí oníbàárà bá ti dá iye kan, tí ọlọ́jà sì gbà á, ọjà ti di tirẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá kọ̀ tí kò san án, gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí ló máa bá a wí.

Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ló tọ́ ọkọ mi lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Mílíìkì àti ṣúgà ló ń tà ní Ìsọlọ̀. Bó bá wọlé wa, ọkọ mi á dìde lórí àga fún un, èmi á sì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn.

Àárọ̀ Sátidé la lọ sí Òṣòdì, níbi tí àwọn tó ń ta àlòkù máa ń pàtẹ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Kí a tó débẹ̀, ó dá mi dúró.

Ó ní, "Ìyàwó, má sọ̀rọ̀ o. Má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá rí i lójú rẹ pé o fẹ́ ẹ, iye rẹ̀ á lọ sókè ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Òótọ́ ló sì sọ, mi ò lè já a ní koro.

Ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan ló ní máṣíìnì tí mo rí. Ọlọ́wọ́ ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, dúdú, òdòdó góòlù tó wà lára rẹ̀ kò tíì parẹ́ tán. Ọlọ́jà náà kò wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ló wò, ó wo ikùn mi, ó fa àkísà kan yọ, ó ki í sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ yí i wò." Ọgbọ́n wọn nìyẹn: wọ́n á fi ọjà sí ọ lọ́wọ́, torí gbígbé e sílẹ̀ padà máa ń ṣòro. Mo mọ̀ ọ́n lọ́gbọ́n, mo sì tún yí i. Ó ránṣọ geere, òwú kò já, abẹ́rẹ́ kò fo ibì kankan. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, mo gé ètè mi jẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Èló lo pe irin yìí?"

"Àádọ́fà náírà, màmá."

"Ọgbọ̀n."

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bó ṣe yẹ ni: ẹni tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ ń lọ ní nǹkan bí àádọ́rin lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo wa la sì mọ̀. Ọlọ́jà dín in sí àádọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní márùndínlógójì. Ọlọ́jà bọ́ sí ọgọ́rin, ó ní kí wọ́n wo bí irin rẹ̀ ṣe ki. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ogójì. Mi ò ní kọ́bọ̀ kan lé e."

"Kò gbà, màmá. Ọjà olówó lẹ̀ ń ná yìí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó, jẹ́ ká lọ."

Ó yẹ kí n tẹ̀ lé e kíá. Bí mo bá dúró, mo ti tú u fó nìyẹn, ọlọ́jà á mọ̀ pé a ó padà. Bí mo bá lọ, máṣíìnì mi ń lọ. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ ìró, ọlọ́jà sì rí mi. Ó kígbe pé, "Ẹ mú àádọ́rin wá!" Mo wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo ń retí kó dúró níbi ìsọ̀ kejì, níbi tí obìnrin kan ti ń ta òwú ìránṣọ, kó fi ọwọ́ kan òwú kan lásán. Kò dúró.

"Ọgọ́ta! Màmá, ẹ gbọ́, ọgọ́ta!"

Omijé ti ń bọ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní à ń sunkún, à ń ríran. Mo rí i tó tú etí ìró rẹ̀, tó tún un ró, tó fún un. Ojú ọ̀nà ló ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára.  Obìnrin yìí kò wá ra nǹkan kan! Ó mọ̀ pé àádọ́rin ni, ó dá ogójì lé e kí wọ́n má baà tà á fún un, kí ó lè lọ sọ nílé pé ọjà wọ́n. Mo bínú débi pé ọmọ inú mi tàpá. Síbẹ̀ kí ni mo lè sọ láàárín ọjà? Pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń purọ́?

"Àádọ́ta!"

Ó ń lọ. Mo ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ọlọ́jà wá pariwo pé, "Ó dáa, ẹ mú ogójì yín wá! Mo tà á fún yín!"

Ó ṣí tapolíìnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, máṣíìnì ọlọ́wọ́ bíi méje ló jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ìjọba ti san owó yìí, onírúurú èèyàn ló ń ra máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tuntun tó ń ti òkè òkun bọ̀, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ń da èyí tó ti gbó sí, òun kò sì ráàyè tí òun máa kó o sí mọ́. Iye ọdún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé wá sọ́jà. Ogójì tó rò pé èébú ni ti di owó ọjà gan-an.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró gbagidi. Ọlọ́jà ti gbé máṣíìnì náà, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú irin wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin olówùú ti dìde. Ó ní, "Ẹ káre o, màmá, ẹ ti ná an jáwó. Ẹ sanwó." Àwọn mìíràn yíjú sí wa.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ sí àpò tó so mọ́ ìdí. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àpò náà pẹlẹbẹ. Ó wá gbójú sókè wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. N kò tíì rí i kí ojú ti obìnrin náà rí, mi ò sì mọ̀ pé ojú lè tì í tó bẹ́ẹ̀.

Owó ò sí. Owó máṣíìnì mi kò sí níbì kankan lára rẹ̀.

"Màmá, owó dà?"

Mi ò mọ̀gbà tí ẹnu mi là. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo fẹ́ lò ó. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ó ń fo bó bá ń ránṣọ."

"Ó ń kí ni?" Ọlọ́jà sáré mú àkísà tí mo rán, ó nà án sókè fún gbogbo èèyàn. "Ẹ wò ó! Ibo ló ti fo? Ẹ jẹ́ kó fi ibi tó ti fo hàn mí!" Mi ò lè fi ibì kankan hàn án, torí pé kò síbẹ̀. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ ikùn mi, òun ì bá ṣẹ́ èpè fún mi. Olówùú pòṣé, ó ní irú àwa ìyàwó ìsinsìnyí la máa ń fi ojú àgbà gbolẹ̀ lọ́jà.  Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú mi lọ́wọ́, ó fà mí kúrò níbẹ̀, èébú sì ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mafoluku kó tó la ẹnu. Ó ní, "Mo fi owó náà sí mílíìkì tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wà létíkun látọjọ́ yìí, wọn ò jẹ́ kó já ẹrù. Ó máa já a. Má jẹ́ kí àbúrò mi gbọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé tábìlì kékeré kan síbi fèrèsé, ó ti nù ún. Ó wo ọwọ́ wa. "Máṣíìnì dà?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, ó bọ́ bàtà. Mo dúró kó dáhùn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó sì fi orí júwe mi fún àbúrò rẹ̀.

"Bi ìyàwó rẹ. Mo ná an títí wọ́n fi tà á fún wa ní ogójì náírà, ogójì péré! Ó ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Ó dójú tì mí láàárín ọjà."

Ọkọ mi kọjú sí mi, ẹnu yà á. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ẹnu mi. Mo dì mọ́ etí tábìlì náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lóòótọ́ ni.